Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Ṣítù Kò Wá

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ọjọ́ Jímọ̀ kì í dákẹ́ nílé wa ní Lálúpọn. Bí wọ́n bá ti kírun tán, tí wọ́n bọ́ agbádá, tí wọ́n wọ bùbá àtijọ́ kan tí ìyá mi ti ń wá ọ̀nà láti sọ nù láti bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, wọ́n á ti bíírò bọ ẹ̀yìn etí. Ṣítù ni wọ́n ń retí. Bí a bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀ lápá ojú irin, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú àwo, nítorí pé Ṣítù kì í jẹun ọ̀sán kó tó wá, ó sì mọ̀ pé a mọ̀.

Ṣítù kì í ṣe ẹbí wa. Ọ̀kadà bàbá mi ló ń gùn, ó sì ń sanwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè di tirẹ̀. Sùnmọ́nù ni orúkọ bàbá mi. Awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n, ọdún tí wọ́n fi kó kòkó àti ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sí Ìbàdàn lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ta lọ́rì, wọ́n ń fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní háyà pọ́ṣéèsì. Ṣítù ni ẹnì kẹta tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn ni, ó ti súnmọ́ ogójì ọdún, ara rẹ̀ le bí igi ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ̀gẹ́ ló sábà máa ń kó láti oko lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Ó lè di àpò mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kadà kan kí ó sì gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ lọ láìṣubú.

Èmi gan-an ni mo tẹ ìwé àdéhùn wọn. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kan n'Ìbàdàn, inú mi sì máa ń dùn bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n tẹ ìwé tó ní nọ́ńbà lára. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni. Bàbá mi ra ọ̀kadà náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé ọgọ́rin náírà. Ṣítù yóò máa san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin dín ogún. Èrè bàbá mi wà nínú rẹ̀, wọn kò sì fi pa mọ́ fún un. Títí yóò fi san tán, ti bàbá mi ni ọ̀kadà. Ìwé rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kejì ń bẹ nínú àpótí wọn. Epo, ọ́ìlì, táyà, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn Ṣítù. Bó bá jẹ owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lè gba ọ̀kadà. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìlà yẹn. Bọ̀dá Mikail, tí wọ́n ń lẹ táyà nítòsí gáréèjì, tí wọ́n sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ṣítù, ni wọ́n ṣe onídùúró.

Ohun tí n kò tẹ̀ sínú ìwé ni ohun tí bàbá mi fẹnu sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ọlọ́kadà tó ṣáájú Ṣítù ti fi owó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan rán Lateef, àbúrò mi, Lateef sì fi ra fóònù. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà, bàbá mi ní, "Ṣítù, ọwọ́ mi ni kí o máa fi owó lé. Bí n kò bá sí nílé, ọwọ́ ìyá àwọn ọmọ. Má fún ọmọ kankan nínú ilé yìí, ìbáà jẹ́ Zubaidah." Èmi ni Zubaidah. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Wọ́n fún Ṣítù ní káàdì kan bíi ti alájọ. Bó bá sanwó tán, bàbá mi á yọ bíírò lẹ́yìn etí, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dìde lọ wo ọ̀kadà. Wọ́n á tẹ búrékì, wọ́n á fọwọ́ gbọn ṣéènì, wọ́n á fa ọ́ìlì yọ, wọ́n á fi ìka wò ó. "Ṣítù, ọ́ìlì yìí ti dúdú jù. Ṣé o fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú kó tó di tìẹ ni?" Ṣítù á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní òun á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la. Kì í ṣe pé kò mọ ìtọ́jú rẹ̀. Mo rò pé ó dìídì máa ń fi ọ́ìlì sílẹ̀ kí bàbá mi lè rí ohun bá a wí. Wọ́n á wá jókòó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọ̀nà: ibi tí afárá ti ya, abúlé tí ẹ̀gẹ́ ti wọ́n. Bàbá mi tí kò lè wakọ̀ mọ́ ń fi etí rin gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti rìn rí. Bí mo bá wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ká sọ òótọ́, ó máa ń dùn mí díẹ̀, torí bàbá mi kì í bá èmi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí owó epo fò sókè lójijì nínú ọdún 2023, Ṣítù wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan láìmú owó dání. Mo wà ńlé lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè jókòó. Bàbá mi ní, "Wá jókòó. Bí o kò bá lówó, gbé ojú wá. Ẹni tó bá gbé ojú wá kò sá." Wọn kò fọwọ́ sí káàdì, ṣùgbọ́n ó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀. Láàárín oṣù kan, ó ti san èyí tó wà nílẹ̀ mọ́ tuntun.

Oṣù keje ọdún yẹn ni bàbá mi kú. Orí àdúrà àsùbáà ni wọ́n wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fọwọ́ sí lórí káàdì Ṣítù.

A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ilé sì kún. Ìyá mi, Mùjíbátù, wọlé opó: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, nínú yàrá ẹ̀yìn, láìjáde. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo di olórí ètò. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo jókòó ti àpótí bàbá mi, mo ń ka ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ìwé ọ̀kadà náà, tí mo sì rí i pé Jímọ̀ àkọ́kọ́ ti kọjá, Ṣítù kò sanwó.

Ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, ó wá. Ó gbé iṣu márùn-ún dání, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọlọ́kadà, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, ó jẹun, ó kí mi, ó lọ. Kò mẹ́nu ba owó. Mo wò ó títí ó fi gun ọ̀kadà lọ. Mo sọ fún Lateef pé, "O rí i? Ó wá jẹ ìrẹsì wa, ó gbé ọ̀kadà wa lọ." Lateef ní kí n pè é lórí fóònù. Mo ní mi ò ní pè é, pé ẹni tó jẹ gbèsè ló yẹ kó wá olówó rí.

Jímọ̀ kejì, kò wá. Jímọ̀ kẹta, kò wá. Nígbà tí ìkẹrin kọjá, mo mú kọ́kọ́rọ́ kejì àti ìwé àdéhùn, èmi àti Lateef sì lọ sí gáréèjì.

A bá a níbi tó ti ń di ẹ̀gẹ́ obìnrin kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku. "Àǹtí, ẹ kú ilé. Màámi ńkọ́?"

"Mi ò wá kí ẹ," ni mo wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ṣítù. Ìwé sọ pé mẹ́ta."

"Owó ń bẹ nílẹ̀, Àǹtí. Ó kàn jẹ́ pé..."

"Ilẹ̀ wo? Òun ni ilẹ̀ yìí tí mo tẹ̀? Àbí o rò pé nígbà tí bàbá ti kú, ọ̀kadà di ogún tìẹ?"

Àwọn ọlọ́kadà yòókù yíjú sí wa. Alága àwọn ọlọ́kadà, bàbá kan tó ti hewú, súnmọ́ wa. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò."

Ṣítù ló dá wọn dúró. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Alága. Ọmọ bàbá ni." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀."

Ó tú àwọn àpò ẹ̀gẹ́ náà sílẹ̀, ó bẹ obìnrin náà, ó bá a wá ọlọ́kadà mìíràn, ó tún bá a di ẹrù náà. Ó fi aṣọ nu àga ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Mo gbà á, n kò wo ojú rẹ̀. Lateef gun ọ̀kadà náà wálé.

Bó ṣe wọ àgbàlá, ìyá mi pè mí láti yàrá opó. "Zubaidah, ṣé Ṣítù ló dé ni? Mo gbọ́ ọ̀kadà ẹ̀."

Mo ní, "Rárá, Màámi. Lateef ni."

Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ọkùnrin kan láti Alákíà ní òun máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé ogún lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé kì í ta nǹkan láìsí ìwé, nítorí náà mo lọ bá Tèmídayọ̀, lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi, kó bá mi kọ ìwé ọjà. Ó ka àdéhùn náà tán, ó béèrè iye tí Ṣítù ti san. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ṣírò rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò lè tà á o."

"Ti wa ni. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni, tiyín ṣì ni. Ṣùgbọ́n ó ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Tí ẹni tó gba ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà báyìí bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó, òfin ò gbà kí olówó kàn lọ gbà á mọ́ láìlọ sí kóòtù, ohun yòówù kí ẹ kọ sínú ìwé. Ti Ṣítù ti kọjá ibẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá tó kú."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló jẹ o."

"Ìyẹn ló yọ yín díẹ̀. Nígbà tó ti jẹ tó mẹ́ta, ẹ lè gbé e pamọ́ síbi tí kò ti ní bàjẹ́, kí ẹ gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́. Ìpamọ́ nìyẹn, kì í ṣe títà. Tí ẹ bá tà á, ó lè gbé yín lọ sí kóòtù, kí wọ́n ní kí ẹ dá gbogbo owó tó ti san padà fún un. Ẹ ó gba irinwó lé ogún, ẹ ó wá san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé mẹ́wàá." Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Ẹ ti rí onídùúró rẹ̀? Kí ni wọ́n sọ?"

Ojú tì mí láti sọ pé n kò tíì rí wọn. Mo ka ìwé lọ́nà gbogbo, n kò rántí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Mikail. Wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kan nígbà tí mo dé. Wọn kò bínú, èyí ló tún burú jù. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú àpò ike dúdú kan jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì Ṣítù.

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé e wá fún mi," ni wọ́n wí. "Mo ní kó gbé e lọ fún yín. Ó ní bàbá sọ pé òun ò gbọdọ̀ fún ọmọ kankan. Ó ní ọwọ́ ìyá ló kù, ìyá sì wà nínú opó. Ó ní báwo ni òun, ọkùnrin, ṣe máa lọ kan ilẹ̀kùn opó nítorí owó ọ̀kadà? Kò ní bọ́gbọ́n mu, ó ní ẹnìkan á rò pé òun ń yọ ìyá lẹ́nu. Pé kí ó pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, òun á gbé gbogbo rẹ̀ lọ, òun á ní kí Màámi fọwọ́ sí káàdì. Mo sọ fún un pé ìwé kì í dúró de opó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ṣítù."

N kò mọ Ṣítù. Bàbá mi ló mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan, mo sunkún níbẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ. Mo rántí iṣu márùn-ún. Mo rántí bó ṣe jókòó sẹ́yìn níbi fìdáù, tó gbé ojú wá gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ ọ, tí èmi sì ń ka iye ìrẹsì tó jẹ. Abéèrè kì í ṣìnà, wọ́n wí, ṣùgbọ́n mo ti kàwé jù láti béèrè.

Ọjọ́ náà la gbé ọ̀kadà padà fún un. Mo ní Lateef kó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kó tó gbé e lọ. Mo bẹ Ṣítù níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo bú u. Ó ní, "Ó ti tán, Àǹtí. Ìbínú ọ̀fọ̀ ni." Mo sọ fún un pé kò sí ìdí fún un láti máa dààmú nípa káàdì àti opó mọ́, kó máa fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi, pé ìyá mi ti mọ̀ sí i. Mo rò pé mo ń mú un rọrùn fún un ni. Ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà sẹ́yìn káàdì.

Láti ìgbà náà, bí aago méjì ọ̀sán bá ti ń lù ní ọjọ́ Jímọ̀, fóònù mi á dún, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wọlé. Kò pẹ́ rí. Ó san ti ọ̀sẹ̀ tí a fi gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá, ọ̀sẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Mo pè é pé kó má san ìyẹn, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Kò wá sílé mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé opó ló ń bọ̀wọ̀ fún.

Oṣù kọkànlá, ó san èyí tó kẹ́yìn. Mo kó ìwé ọ̀kadà náà jáde nínú àpótí bàbá mi, rìsíìtì tí wọ́n fi rà á àti pátíkúlà rẹ̀, mo tẹ ìwé mìíràn tó sọ pé Ṣítù ti san tán, ọ̀kadà ti di tirẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kó wá gbà á nílé, ó ní èrò ti pọ̀ lọ́nà, òun kò ráyè. Èmi ni mo gbé e lọ bá a ní gáréèjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere." Mo ní kó máa yà kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Èrò kan ń dúró dè é, ó gbé e, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá mi jáde opó. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. Jímọ̀ ni. Àwọn èèyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dáhùn, ṣùgbọ́n apá ojú irin ni wọ́n kọjú sí.

"Zubaidah, Ṣítù ńkọ́?"

"Ó ti san gbogbo owó rẹ̀ tán, Màámi. Kò jẹ wá ní kọ́bọ̀."

Wọ́n yíjú kúrò lápá ojú irin, wọ́n kọjú sí mi.

"Owó kọ́ ni mo bi ọ́."